Ìbẹ̀rù Tó Wà Nídìí “Ẹ Ti Tóbi Ju Iṣẹ́ Yìí Lọ”

Sí ẹ̀yin ọmọ Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun tí ẹ ti ṣe ọ̀gá níbi iṣẹ́ nílùú mìíràn, tí ẹ wá ń wá iṣẹ́ tó rẹlẹ̀ sí ti tẹ́lẹ̀ nílé báyìí. Àti sí ẹ̀yin tí ẹ ni ilé-ẹ̀kọ́, ilé-ìwòsàn, ilé epo àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn àti ti Orólù, tí lẹ́tà ìwáṣẹ́ wọn ń dé ọwọ́ yín.

Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi dé ibi ìwé kíkọ yìí. Ẹni tó ti jẹ́ máníjà báǹkì l’Ékòó yóò kọ̀wé pé òun fẹ́ ṣe akápò ilé-ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ìlobùú. Ẹni tó ti jẹ́ olórí nọ́ọ̀sì ní ilé-ìwòsàn ńlá n’Ìbàdàn yóò ní òun fẹ́ ṣe nọ́ọ̀sì lásán ní Ìfọ́n. Èsì tí wọ́n máa ń gbà, bí èsì bá tilẹ̀ dé, ni pé ìwé wọn ti pọ̀ jù, pé wọ́n ti tóbi ju iṣẹ́ náà lọ. Èsì yẹn a máa dun ènìyàn, nítorí ó dà bíi pé wọ́n ń fi ohun tó yẹ kó jẹ́ ìwúrí jẹ ẹni níyà. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín ni pé kì í ṣe ìwé yín ni agbanisíṣẹ́ ń sá fún. Ọjọ́ iwájú ló ń bà á lẹ́rù. Ó ń bẹ̀rù pé ẹ ó lọ, pé ẹ kò ní gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu, pé owó rẹ̀ kò ní tó yín, pé nǹkan kan wà tí ẹ kò sọ. Bó bá sì jẹ́ pé ọjọ́ iwájú ló ń bà á lẹ́rù, a jẹ́ pé gbogbo àṣeyọrí àtẹ̀yìnwá tí ẹ kó jọ sínú lẹ́tà kò lè dá a lóhùn. Ohun tó lè yẹ̀ wò fúnra rẹ̀, tó sì lè dì mú, nìkan ló lè dá a lóhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ìlú wa nìkan. Ní ọdún 2012, nígbà tí ilé-iṣẹ́ Dangote kéde pé òun ń wá àwọn tó jáde ní yunifásítì láti wa ọkọ̀ ẹrù, ìròyìn tó jáde nígbà náà ni pé ó lé ní 13,000 ènìyàn tó kọ̀wé fún nǹkan bí 100 àyè. Àwọn mẹ́fà nínú wọn ti gba oyè ọ̀mọ̀wé, 704 ní oyè másítà, 8,460 sì ní dìgírì àkọ́kọ́. Kò sí ẹni tó lè ka irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé ebi ló ń lé àwọn kan wá síbẹ̀. Ibi tí ìbẹ̀rù agbanisíṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn: ẹni tí ebi lé wá, ebi kan náà ni yóò lé e lọ bí oúnjẹ tó dára jù bá hàn níwájú.

Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìbẹ̀rù yìí ti dé ilé ẹjọ́. Ní ọdún 1996, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Jordan ṣe ìdánwò láti di ọlọ́pàá ní ìlú New London, ní ìpínlẹ̀ Connecticut. Ó gba 33 nínú ìdánwò làákàyè. Àwọn tó gba láti 20 sí 27 nìkan ni ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá náà ń pè fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, nítorí èrò wọn ni pé ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ bá jí jù, iṣẹ́ náà yóò tètè sú u, yóò sì lọ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti náwó kọ́ ọ tán. Jordan pè wọ́n lẹ́jọ́. Ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ìjọba àpapọ̀ dá ìlú náà láre. Àwọn adájọ́ kò sọ pé ìlànà náà bọ́gbọ́n mu. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ìlú náà ní ìdí tó tó lójú òfin, ìyẹn ni pé kò fẹ́ pàdánù owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó bi Jordan bóyá yóò lọ. Wọ́n wo nọ́ḿbà rẹ̀, wọ́n sì sọ àsọtẹ́lẹ̀ nípa rẹ̀. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà yín lórí tábìlì alákòóso ilé-ẹ̀kọ́ ní Ìfọ́n, àyàfi tí ẹ bá ti dáhùn ìbéèrè tí kò bi yín.

Àwọn olùwádìí ti yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò dáadáa. Ní ọdún 2020, Roman Galperin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde, níbi tí wọ́n ti fi ìwé àwọn olùwáṣẹ́ han àwọn tó máa ń gbani síṣẹ́. Wọ́n rí i pé àwọn agbanisíṣẹ́ mọ̀ pé ẹni tí ìwé rẹ̀ ga jù lè ṣe iṣẹ́ náà dáadáa, síbẹ̀ wọ́n gbà pé ọkàn rẹ̀ kò ní sí níbẹ̀ bíi ti ẹni tí ìwé rẹ̀ mọ níwọ̀n. Ẹ̀kọ́ ńlá wà níbẹ̀ fún olùwáṣẹ́. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé ẹ mọ iṣẹ́. Bí ẹ bá wá fi gbogbo lẹ́tà yín ṣàlàyé bí ẹ ṣe mọ iṣẹ́ tó, ẹ ń dáhùn ohun tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀, ẹ sì ń fi epo sí iná ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan, ká sì tẹ̀ lé e dópin. Ká sọ pé ọkùnrin kan wà, ẹni ọdún 52, tó ti ṣe olórí ẹ̀ka ìṣàkóso ní báǹkì kan l’Ékòó. Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó kan án. Kò lè padà sí iṣẹ́ ọba gẹ́gẹ́ bí ẹni tuntun, nítorí ìlànà iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ti fi 50 ọdún ṣe òpin ọjọ́ orí ẹni tí wọ́n lè gbà. Ó ní ilé ní Ìlobùú. Ìyá rẹ̀ ti dàgbà, ó sì wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan nítòsí ń wá akápò, owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦140,000. Máníjà yìí ń gba ìlọ́po mẹ́rin iye yẹn l’Ékòó. Ẹni tó ni ilé-ẹ̀kọ́ náà jẹ́ obìnrin ẹni ọdún 40, ọ̀gá ilé-ìwé tó fi sí ipò sì jẹ́ ẹni ọdún 36. Iṣẹ́ akápò náà kò ju gbígba owó ilé-ìwé, kíkọ rìsíìtì, ṣíṣe ìwé owó oṣù, bíbá báǹkì ṣírò owó tó wọlé àti ṣíṣe àkọsílẹ̀ ìnáwó fún ìgbìmọ̀ ní ìparí táàmù.

Bí obìnrin náà bá ṣí lẹ́tà rẹ̀, ohun àkọ́kọ́ tí yóò bi ara rẹ̀ ni pé, “Kí ló dé tí irú ẹni báyìí fi fẹ́ wá síbí?” Ìdáhùn mẹ́ta ló wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn olùwáṣẹ́, gbogbo wọn ló sì ń ba nǹkan jẹ́. Èkíní ni pé, “Mo ṣetán láti ṣe iṣẹ́ yòówù.” Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ pé iṣẹ́ yìí kò jẹ́ nǹkan pàtàkì sí òun, ó kàn jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tí òun kọ̀wé sí. Èkejì ni pé, “Mo fẹ́ fara balẹ̀ díẹ̀, iṣẹ́ báǹkì ti rẹ̀ mí.” Òótọ́ lè ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbani síṣẹ́ yóò gbọ́ pé ibi ìsinmi ni wọ́n fẹ́ fi ilé-ẹ̀kọ́ òun ṣe. Ìkẹta ni pé, “Owó kọ́ ni mò ń wá.” Èyí ló burú jù nínú wọn, nítorí ẹni tí owó kò bá jẹ́ nǹkan fún, kò sí ohun tí wọ́n lè fi dá a dúró. Àwọn mìíràn tilẹ̀ máa ń rò pé owó mìíràn ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ fẹ́ wá kó, pàápàá níbi tó ti jẹ́ pé òun ni yóò máa di àpótí owó mú.

Ìdáhùn tó lè dúró ni èyí tó ní ìdí tí ẹlòmíràn lè yẹ̀ wò. Máníjà wa yìí lè kọ ọ́ sínú lẹ́tà rẹ̀ báyìí, ní gbólóhùn díẹ̀: “Báǹkì tí mo bá ṣiṣẹ́ dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì kàn mí. Mo ti kó padà sí ilé mi ní Ìlobùú, níbi tí ìyá mi wà, mi ò sì ní èrò láti padà sí Èkó. Iṣẹ́ ìṣírò owó ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe, òun ni mo sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kí n tó di olórí ẹ̀ka. Mo mọ̀ pé owó oṣù iṣẹ́ yìí kò tó èyí tí mo ń gbà tẹ́lẹ̀, mo sì ti ṣírò ohun tí mo ń ná nílé, ó tó.” Ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó sọ pé wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù kí ẹnikẹ́ni tó bi í, nítorí náà kò sí àṣírí tó ń dúró kí wọ́n tú. Ilé àti ìyá jẹ́ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, tí obìnrin náà lè béèrè lọ́wọ́ aládùúgbò. Ó dárúkọ owó ṣáájú kí wọ́n tó bi í. Kò bẹ̀bẹ̀, kò sì fọ́nnu.

Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ lórí owó, tó jẹ́ ìbẹ̀rù àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ti ń kú. Owó oṣù tó kéré jù fún òṣìṣẹ́ lórílẹ̀-èdè yìí jẹ́ ₦70,000 láti ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì ní òun yóò máa san ₦75,000. Nítorí náà ₦140,000 kì í ṣe owó tó kéré ju ti òfin lọ, ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ń gba ìlọ́po mẹ́rin rẹ̀, ó dà bí owó ìtìjú. Kí máníjà yìí jókòó sílé, kó sì kọ ìnáwó rẹ̀ sílẹ̀ kó tó lọ pàdé ẹnikẹ́ni. Kò san owó ilé. Kò wọ mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ tó jìnnà. Ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn ti wà ní yunifásítì. Òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sì fàyè gba ẹni tó ti lé ní 50 ọdún bíi tirẹ̀ pé kó gba apá kan nínú owó ìfẹ̀yìntì tó wà lórúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bó bá ti fẹ̀yìn tì. Bí ó bá ti gbà á, tó sì ti fi san gbèsè tàbí ra ilẹ̀ oko, kò sí ohun tó burú nínú kó sọ ọ́. Ẹni tó bá lè sọ pé “₦110,000 ni mò ń ná lóṣù, báyìí ni mo sì ṣe ń ná an” ti dáhùn ju ẹni tó búra pé òun kò ní béèrè fún àfikún lọ. Bí ìnáwó rẹ̀ bá ju ₦140,000 lọ, kò gbọ́dọ̀ gba iṣẹ́ náà, nítorí ìbẹ̀rù obìnrin yẹn yóò wá tọ̀nà.

Ìbẹ̀rù kejì jinlẹ̀ nílẹ̀ wa ju ti Amẹ́ríkà lọ. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí àti ọ̀wọ̀ ni. Báwo ni ọ̀gá ilé-ìwé ẹni ọdún 36 ṣe máa sọ fún ẹni ọdún 52 pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kò dára, kó lọ tún un ṣe? Báwo ni wọ́n ṣe máa pè é, “Bàbá,” “Ọ̀gá,” tàbí orúkọ rẹ̀? Àwọn agbanisíṣẹ́ wa kì í sọ èyí jáde, nítorí yóò dà bí àìmọ̀wàáhù, ṣùgbọ́n ó wà lọ́kàn wọn. Olùwáṣẹ́ ló yẹ kó là á fúnra rẹ̀. Kó béèrè pé, “Ta ni mo máa jábọ̀ fún, kí sì ni ẹni náà fẹ́ rí lọ́wọ́ mi ní ìparí oṣù?” Ìbéèrè yẹn nìkan ti fi hàn pé ó gbà pé ẹnìkan wà lókè òun. Kó sì tún sọ ọ́ gbangba pé níbi iṣẹ́, ọ̀gá ilé-ìwé ni ọ̀gá, bó ti wù kí àwọn ṣe ń kí ara wọn níta. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó. Ohun tó dára jù ni kó ní kí wọ́n fún òun ní iṣẹ́ kékeré kan láti dán òun wò: kí wọ́n kó ìwé owó ilé-ìwé táàmù tó kọjá fún un pẹ̀lú àkọsílẹ̀ báǹkì ti oṣù mẹ́ta náà, kó bá wọn ṣírò rẹ̀ pọ̀, kó sì kọ ìjábọ̀ ojú-ewé kan fún ọ̀gá ilé-ìwé náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa rí i bóyá ó ṣe iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe ní kó ṣe é, tàbí ó kó ìlànà báǹkì rẹ̀ dé láti fi han ilé-ẹ̀kọ́ pé wọn kò mọ nǹkan kan.

Ibi tí nǹkan sì ti máa ń bàjẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti gbani síṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀gá àtijọ́ tó dé ibi iṣẹ́ tuntun yóò rí àṣìṣe mẹ́wàá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àwọn àṣìṣe náà yóò sì jẹ́ òótọ́. Bó bá ń ka gbogbo wọn jáde ní ìpàdé, àwọn tó bá níbẹ̀ yóò kórìíra rẹ̀, obìnrin tó gbà á yóò sì kábàámọ̀. Kó ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún dáadáa fún odidi táàmù kan kó tó mú àbá kankan wá, àyàfi bí owó bá ń sọnù. Bí owó bá ń sọnù, kò gbọ́dọ̀ dákẹ́ títí di ọ̀la.

Ìbẹ̀rù kẹta, èyí tó le jù, ni pé yóò lọ. Nílé-ẹ̀kọ́, àkókò tí ènìyàn bá fi lọ ló ń pinnu ìpalára. Akápò tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù September, nígbà tí owó ilé-ìwé ń wọlé, yóò fi àwọn ìwé rìsíìtì sílẹ̀ fún ẹni tí kò mọ ohun tó wà níbẹ̀. Òfin òṣìṣẹ́ wa kò ran agbanisíṣẹ́ lọ́wọ́ púpọ̀ níbi yìí. Fún àwọn tí òfin náà dé, ọjọ́ kan péré ni ìkìlọ̀ tó pọn dandan bí ẹnìkan kò bá tíì lo oṣù mẹ́ta, ọ̀sẹ̀ kan sì ni bí kò bá tíì pé ọdún méjì. Àdéhùn tó ju ìyẹn lọ ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Nítorí náà kí olùwáṣẹ́ fúnra rẹ̀ dábàá rẹ̀: pé bí òun bá fẹ́ lọ, òun yóò sọ ọ́ ní oṣù méjì ṣáájú, òun kò ní lọ láàrin táàmù, òun yóò sì kọ́ ẹni tó máa gba ipò òun, òun yóò sì fọwọ́ sí ìwé ìfilélẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò ṣèlérí pé òun kò ní lọ láéláé. Kò sí ẹni tó lè ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀, kò sì sí agbanisíṣẹ́ ọlọ́gbọ́n tó máa gbà á gbọ́. Ìlérí pé àlọ òun kò ní ṣe ilé-ẹ̀kọ́ léṣe rọrùn láti gbàgbọ́, nítorí ó ṣeé kọ sílẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé gbogbo àlàyé yìí gùn jù, pé ọ̀nà tó rọrùn jù ni kí ènìyàn fi ìwé rẹ̀ pa mọ́, kó kọ OND sílẹ̀ kó sì yọ másítà kúrò. Mo lòdì sí i. Ìlobùú àti Ìfọ́n kò tóbi débi tí ẹni tó ti jẹ́ máníjà l’Ékòó yóò fi lè fara pa mọ́; ọjọ́ ìnáwó kan ti tó láti tú àṣírí náà. Lọ́jọ́ tó bá sì tú, ohun tó jẹ́ ìbẹ̀rù tẹ́lẹ̀ yóò di ẹ̀rí pé ẹlẹ́tàn ni, àti pé owó ilé-ẹ̀kọ́ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń parọ́. Ohun tó yàtọ̀ sí irọ́ ni kí ènìyàn mọ ohun tó máa kọ́kọ́ kọ. Nínú ìwé ìtàn iṣẹ́ máníjà wa, kí ìṣírò owó tó ṣe, àkọsílẹ̀ tó tọ́jú àti àwọn òṣìṣẹ́ tó kọ́ ní ìṣírò wà lókè. Kí ipò tó dé wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọdún rẹ̀, ní ìlà kan, láìsí iye bílíọ̀nù tó kọjá lọ́wọ́ rẹ̀. Bílíọ̀nù yẹn kò ní í ṣe pẹ̀lú owó ilé-ìwé.

Àtakò kan wà tó wúwo fún mi ju ìyẹn lọ. Bí máníjà àtijọ́ bá gba iṣẹ́ akápò, kí ló máa ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Federal Polytechnic tó wà ní Ẹdẹ, tí iṣẹ́ yẹn ì bá jẹ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Mi ò ní sọ pé kò sí nǹkan níbẹ̀. Ó wà. Ìdájọ́ tèmi ni pé iṣẹ́ tó jẹ́ àkàbà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ kí ọmọdé lè kọ́ṣẹ́ kó sì gòkè, kò yẹ kí ọ̀gá àtijọ́ kọ̀wé sí i. Bí ilé-ìwòsàn bá ń wá akọ̀wé tí wọ́n fẹ́ kọ́ fún ọdún mẹ́ta kó lè di alábòójútó, kí àwa àgbà yẹra. Ṣùgbọ́n akápò ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kì í ṣe àkàbà. Kò sí ipò kankan lókè rẹ̀ tó máa dé. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ ẹni tó máa dúró níbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n. Bí àgbà bá wà níbẹ̀, tó sì gba láti kọ́ ọmọ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí apá kan nínú àdéhùn, ilé-ẹ̀kọ́ jèrè, ọmọ náà sì jèrè.

Ní báyìí, ẹ̀yin agbanisíṣẹ́, ẹ̀yin ni mo yíjú sí. Ẹ̀rí wà pé ìbẹ̀rù yín kò tọ̀nà tán. Ní ọdún 2009, Berrin Erdogan àti Talya Bauer gbé ìwádìí wọn jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtajà kan ní Tọ́kì. Àwọn tó gbà pé àwọn tóbi ju iṣẹ́ àwọn lọ ló tà jù. Àwọn náà sì ni inú wọn kò dùn tó, tí wọ́n sì fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyẹn dín kù gidigidi níbi tí wọ́n ti fún wọn láyè láti pinnu bí wọ́n ṣe máa ṣe iṣẹ́ wọn. Ìwádìí ilé ìtajà kan ní orílẹ̀-èdè kan ni, kò lè sọ ohun gbogbo fún wa ní Ọ̀ṣun. Síbẹ̀ ó bá ohun tí ojú ń rí mu: ohun tó ń lé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ lọ sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n ń jẹ́ kí wọ́n máa tọrọ àṣẹ kí wọ́n tó ra páálí ìwé kan.

Ìdí nìyẹn tí àṣà gbígba ojúlówó ìwé ẹ̀rí òṣìṣẹ́ pa mọ́ sínú àpótí, èyí tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni kan ń ṣe kí òṣìṣẹ́ má bàa lọ, fi jẹ́ àṣà tó ń ṣe onílé léṣe. Ẹni tó bá ní nǹkan mìíràn láti ṣe kò ní gbà, ẹni tí kò ní ibi tó ń lọ nìkan ni yóò kù fún yín. Ẹ kọ àdéhùn dípò rẹ̀. Ẹ má sì ṣe gba máníjà síṣẹ́ akápò kí ẹ wá máa lò ó gẹ́gẹ́ bí alábòójútó gbogbo ilé-iṣẹ́ yín ní owó akápò. Bí ẹ bá fẹ́ kó wá owó báǹkì fún yín, kó bá àwọn agbowó orí sọ̀rọ̀, kó sì ṣe ètò ọdún márùn-ún, iṣẹ́ mìíràn nìyẹn, owó rẹ̀ sì yàtọ̀. Ẹni tí ẹ bá rẹ́ jẹ báyìí yóò lọ, ẹ ó sì sọ pé ẹ ti mọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ mọ́ ìlú wa gan-an. Ìjà ààlà ilẹ̀ tó ti fa òfin kónílé-ó-gbélé láàrin Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rín-Ọ̀ṣun ti ba ọ̀pọ̀ òwò jẹ́, ó sì ti sọ àwọn kan tó ní ilé ìtajà tiwọn di olùwáṣẹ́. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò ní ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ láti fi hàn. Kí ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní gbólóhùn kan láìdá ẹnikẹ́ni lẹ́bi, kó sì mú oníbàárà tàbí ẹni tó ń tajà fún un wá ṣe ẹlẹ́rìí. Kí agbanisíṣẹ́ náà má sì jẹ́ kí ìlú tí ẹnìkan ti wá di ìdí tí wọ́n máa fi bò ó mọ́lẹ̀ lábẹ́ orúkọ pé ó ti tóbi jù.

Ìbéèrè mẹ́rin ni mo ń bẹ yín pé kí ẹ bi olùwáṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lójúkojú kí ẹ tó ti lẹ́tà rẹ̀ sẹ́yìn: kí ló dá a padà wálé, èló ló ń ná lóṣù, báwo ló ṣe máa jábọ̀ fún ẹni tó kéré sí i, àti báwo ló ṣe máa fi iṣẹ́ sílẹ̀ bó bá fẹ́ lọ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ ìdánwò ọjọ́ kan, kí ẹ sì san owó ọjọ́ náà. Bí ìdáhùn rẹ̀ kò bá tẹ́ yín lọ́rùn lẹ́yìn náà, ẹ kọ̀ ọ́, kí ẹ sì sọ èwo nínú ìdáhùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló kù díẹ̀ káàtó fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn lẹ́tà tó wà lórí tábìlì yín báyìí, kí sáà ìkẹ́kọ̀ọ́ tuntun tó wọlé.